Gíńbà fóònù tí búlútúùtù rẹ̀ kọ̀ láti mú, tàbí tó ń sún lọ fúnra rẹ̀: Bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí àìsàn wà, kí ẹ sì tún un ṣe

Ẹ fojú inú wo ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú gbọ̀ngàn àríyá ní Súrùlérè. Alága ìdúró ti gba máìkì, àwọn onílù ti ń lù, ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ya fídíò na gíńbà rẹ̀, ó fi fóònù sí i. Iná ara gíńbà ń ṣẹ́jú, àmọ́ fóònù ní òun ò rí nǹkan kan. Ó pa á, ó tún un tàn, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ìyàwó ti jó wọlé tán. Kò sì sí ẹbí tó máa ní kí ìyàwó padà síta lọ tún un jó nítorí pé búlútúùtù kọ̀.

Ẹlòmíì, tiẹ̀ so mọ́ fóònù dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe kọjú kámẹ́rà sí tọkọtaya lórí àga, kámẹ́rà ń rọra yà sí ọ̀tún fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń tì í. Kó tó pẹ́, ọkọ ti jáde kúrò nínú àwòrán, ó ku ìyàwó àti òdòdó ẹ̀yìn àga.

Àìsàn méjèèjì yìí ló máa ń mú kí àwọn èèyàn gbé gíńbà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, tàbí kí wọ́n tà á ní gbàǹjo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, gíńbà náà kò bàjẹ́. Nínú ti àkọ́kọ́, fóònù ni kò fún áàpù láyè láti wá a, tàbí fóònù mìíràn ló ṣì dì í mú. Nínú ti ìkejì, gíńbà ti gbàgbé bí ìdúró jẹ́ẹ́ ṣe rí, tàbí ẹrù tó gbé kò dọ́gba. Gbogbo ìwọ̀nyí ni èèyàn lè tún ṣe nílé láìtú ìdè kan.

Ohun tí gíńbà ń ṣe láìsí búlútúùtù

Gíńbà ni ọ̀pá tí wọ́n ń fi fóònù há lórí kí fídíò má bàa máa gbọ̀n bí ẹni tó ń yà á bá ń rìn. Ẹ̀rọ ayípo kéékèèké mẹ́ta ló wà ní oríkèé rẹ̀. Ọ̀kan ń yí fóònù sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń gbé ojú rẹ̀ sókè sódò, ẹ̀kẹta kì í jẹ́ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọwọ́ yín bá gbọ̀n sápá ọ̀tún, ẹ̀rọ náà á ti fóònù padà sápá òsì ní kíá.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ rèé: iṣẹ́ yìí kò nílò búlútúùtù. Inú ọ̀pá náà ni ọpọlọ rẹ̀ wà. Búlútúùtù kàn ń gbé àṣẹ láti orí bọ́tìnnì lọ sínú fóònù ni, bíi kó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò, kó fa àwòrán súnmọ́, tàbí kó máa tẹ̀ lé ojú ẹnì kan. Nítorí náà, bí búlútúùtù bá kọ̀ nígbà tí ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má dúró máa bá a jà. Ẹ ṣí kámẹ́rà tó wà nínú fóònù yín gan-an, ẹ fi ìka tẹ bọ́tìnnì pupa ojú fóònù, kí ẹ máa yà á lọ. Gíńbà á ṣì mú fóònù dúró. Ẹ lè wá wo ti búlútúùtù nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ.

Ẹyọ ọ̀kan tí èyí yọ sílẹ̀ ni gíńbà tuntun tí wọn kò tíì mú wọ iṣẹ́. Àwọn Osmo Mobile tí ilé iṣẹ́ DJI ń ṣe, fún àpẹẹrẹ, ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ láti inú áàpù wọn, dátà sì gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Ilé ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Bí fóònù kò bá rí gíńbà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn èèyàn ń wá gíńbà níbi tí wọ́n ti ń wá ìwo agbọ́rọ̀sọ. Wọ́n á lọ sí Settings, wọ́n á tẹ Bluetooth, wọ́n á máa retí kí orúkọ rẹ̀ yọ. Ọ̀pọ̀ gíńbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oríṣi búlútúùtù tí kì í jẹ iná púpọ̀ ni wọ́n ń lò, áàpù tiwọn ló sì gbọ́dọ̀ wá wọn. Ti Osmo Mobile ni DJI Mimo, ti Zhiyun ni ZY Cami, ti Hohem ni Hohem Joy. Àwọn gíńbà kan wà tó tún lè yọ sínú Settings, kí bọ́tìnnì wọn lè bá kámẹ́rà fóònù ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n inú áàpù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbi tí ẹ ti ń gba áàpù náà. Bí ẹ bá wá DJI Mimo tí ẹ kò rí i lórí Google Play, ojú òpó DJI fúnra rẹ̀ ni kí àwọn tó ń lo Áńdírọ́ìdì ti lọ gbà á. Ẹ má gba èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, torí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti àtijọ́ tí kò mọ gíńbà yín rárá.

Bí áàpù bá ti wà tí kò sì rí gíńbà, ẹ wo ọ̀rọ̀ àyè. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣí áàpù, ó béèrè àwọn nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ẹ sì lè ti sọ pé rárá torí pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ẹ wà. Ìṣọ́ra yẹn dára, àmọ́ òun ló dí ọ̀nà.

Lórí Áńdírọ́ìdì 6 títí dé 11, áàpù kò lè wá irú búlútúùtù yìí àyàfi tó bá gba àyè Location, kí ẹ sì tan Location fóònù náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí ni pé àwọn ẹ̀rọ búlútúùtù kan wà tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, tó jẹ́ pé áàpù tó bá gbọ́ ohùn wọn lè mọ ibi tí ẹ dúró sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ka wíwá búlútúùtù mọ́ wíwá ibi tí èèyàn wà. Láti Áńdírọ́ìdì 12 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀. Orúkọ àyè tuntun náà ni Nearby devices. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ọ̀nà tí ẹ máa gbà dé ibẹ̀ rèé:

```
Settings > Apps > DJI Mimo > Permissions > Nearby devices > Allow
```

Fóònù kan lè pe àwọn ibi yìí ní orúkọ tó yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni wọ́n ń lọ. Àwọn tó ń lo áífóònù á wá a báyìí, kí wọ́n sì rí i pé orúkọ áàpù náà wà níbẹ̀, tí ó sì wà ní títàn:

```
Settings > Privacy & Security > Bluetooth
```

Bí àyè bá ti wà, ẹ pa áàpù pátápátá, ẹ tún un ṣí. Áàpù tó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀ lè má tètè mọ̀ pé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún òun.

Ta ló dì í mú?

Bí gbogbo ìyẹn bá pé tí fóònù kò sì tún rí i, ẹ béèrè ìbéèrè kan: fóònù wo ló lo gíńbà yìí kẹ́yìn? Gíńbà kì í gbọ́ ti ọ̀gá méjì pọ̀. Bó bá ti so mọ́ fóònù kan, kì í sábà kéde ara rẹ̀ fún èkejì mọ́. Ó dà bí ọlọ́kadà tó ti gbé èrò: ẹ lè pè é títí, kò ní dúró.

Èyí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni méjì bá jọ ń lo gíńbà kan. Fóònù ọ̀rẹ́ yín wà nínú àpò rẹ̀ ní tábìlì kejì, búlútúùtù rẹ̀ wà ní títàn, kíá tí ẹ bá tan gíńbà, fóònù tirẹ̀ á ti gbà á. Pípa áàpù lórí fóònù ọ̀hún kò tó. Ẹ ní kó pa búlútúùtù rẹ̀ gan-an, kí ẹ wá pa gíńbà, kí ẹ tún un tàn.

Ó tún lè jẹ́ fóònù tiyín ló ń rántí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí orúkọ gíńbà bá wà nínú Settings lábẹ́ Bluetooth, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Forget This Device lórí áífóònù, tàbí Forget tàbí Unpair lórí Áńdírọ́ìdì. Ẹ pa fóònù, ẹ pa gíńbà, ẹ tan méjèèjì, ẹ padà sínú áàpù. Bí kò bá tún gbọ́, ó ku kí ẹ nu ìrántí búlútúùtù gíńbà fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò bára mu láti gíńbà kan sí èkejì. Inú ìwé kékeré tó bá a wá ni ẹ ó ti rí i. Bí ìwé náà bá ti sọnù, ó wà lójú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ má kàn máa tẹ bọ́tìnnì kiri.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ ẹni tó jẹ̀bi láàárín fóònù àti gíńbà. Ẹ yá fóònù ẹlòmíì, kó jẹ́ oríṣi mìíràn bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi áàpù kan náà sí i, ẹ sì fún un ní gbogbo àyè tó béèrè. Ẹ pa búlútúùtù tiyín. Bí fóònù kejì bá rí gíńbà lójú ẹsẹ̀, fóònù tiyín ló ní ìṣòro, ẹ má náwó lórí gíńbà. Bí fóònù méjì tó yàtọ̀ síra kò bá rí i lẹ́yìn tí ẹ ti nu ìrántí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti gíńbà nìyẹn.

Ohun kan ṣì wà tó jẹ mọ́ ibi tí ẹ wà. Orí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan náà ni búlútúùtù àti ọ̀pọ̀ Wáífáì ń rìn. Nínú gbọ̀ngàn tí èrò ti kún, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóònù wà níbẹ̀, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Bó bá ń so nílé tí kì í so lóde, ohun tó fà á nìyẹn. Inú ọkọ̀ tàbí ìta gbọ̀ngàn ni kí ẹ ti so ó, kí fóònù àti gíńbà wà nítòsí ara wọn, kí ẹ má sì tú u mọ́ títí iṣẹ́ á fi parí.

Bó bá ń sún lọ: ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni

Kì í ṣe gbogbo yíyà ni àìsàn. Ohun méjì ló máa ń tan èèyàn jẹ.

Èkíní ni pé gíńbà máa ń tẹ̀ lé ọwọ́. Bí ọrùn ọwọ́ yín bá ń yí díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀, gíńbà á rò pé ibẹ̀ lẹ fẹ́ wò, á sì yí kámẹ́rà síbẹ̀. Ó rẹ ọwọ́ ni, gíńbà kò ṣe nǹkan kan. Lórí Osmo Mobile, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìka ìfábọ̀n tó wà níwájú mọ́lẹ̀, kámẹ́rà á dúró sójú kan títí ẹ ó fi tú u sílẹ̀.

Èkejì ni títẹ̀ lé ojú èèyàn. Bọ́tìnnì ìfábọ̀n yẹn kan náà, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré nínú DJI Mimo, ẹ ti ní kí kámẹ́rà máa tẹ̀ lé ohun tó wà láàárín àwòrán. Ìka lè kàn án láìmọ̀. Ìyá kan kọjá níwájú pẹ̀lú gèlè ńlá, kámẹ́rà bá a lọ, ẹ wá ní gíńbà ti ya wèrè. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré kan lójú fóònù tó yí nǹkan ká, ẹ tún bọ́tìnnì náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lè fi í sílẹ̀.

Kí ẹ lè mọ òótọ́, ẹ gbé gíńbà dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ògiri, ẹ kọjú kámẹ́rà sí i kí ìwé náà wà láàárín gan-an. Ẹ ya fídíò fún ìṣẹ́jú méjì láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ìwé náà wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Bí ìwé kò bá kúrò lójú kan, gíńbà yín dá ṣáṣá. Bó bá ti kúrò, ọ̀nà tó gbà kúrò ló máa sọ ohun tó ń ṣe é.

Bó ṣe sún ló máa sọ àìsàn rẹ̀

Bí àwòrán bá rọra sún sọ́tùn-ún tàbí sósì, láìdáwọ́ dúró, láìyára láìfà, jáírò ló ṣìnà. Jáírò ni nǹkan kékeré tó wà nínú gíńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí tó. Bí gbogbo nǹkan bá dúró, ó yẹ kó sọ pé òdo ni. Àmọ́ ooru, òtútù, ọjọ́ orí àti ìṣubú lè mú kó máa sọ pé nǹkan ń yí díẹ̀ nígbà tí kò sí ohun tó ń yí. Gíńbà á gbà á gbọ́, á wá máa yí kámẹ́rà padà láti tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀tún àti òsì ló wọ́pọ̀ jù? Ìdí ni pé gíńbà ní ohun mìíràn tó mọ ibi tí ilẹ̀ wà, nítorí ohun gbogbo ló ń fà sílẹ̀. Bí jáírò bá parọ́ nípa òkè àti ìsàlẹ̀, tàbí nípa fífì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlẹ́rìí wà tó máa já irọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò lè sọ fún un pé ibi báyìí ni ọ̀tún. Kò sí ẹlẹ́rìí fún yíyí sọ́tùn-ún sósì, irọ́ jáírò á sì máa ga sí i.

Bó bá jẹ́ pé àwòrán kò yí, àmọ́ ó fì, tí orí tábìlì nínú fídíò kò tẹ́jú mọ́, ẹ wo ìdọ́gba ẹrù. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń yára yí sápá kan, tí ìyára rẹ̀ sì ń yí padà bí ẹ bá fi àtàǹpàkò yí ọ̀pá ìdarí kékeré náà ká, ọ̀pá yẹn ló ní ìdọ̀tí nídìí. Ẹ pa gíńbà, ẹ yí ọ̀pá náà ká dáadáa níye ìgbà, ẹ fẹ́ eruku ìdí rẹ̀ jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀. Ẹ má da omi tàbí epo sí i.

Bí wọ́n ṣe ń tún jáírò mú sọ́nà

Inú áàpù ni àtúnṣe yìí wà, lábẹ́ ètò gíńbà, níbi tí wọ́n kọ Calibration sí. Ohun tó ń ṣe ni pé gíńbà á dúró jẹ́ẹ́, á fetí sí jáírò, ohunkóhun tó bá gbọ́ nígbà náà ni yóò máa pè ní òdo láti ìgbà náà lọ.

Ẹ wo ibi tí ewu wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá ń mì nígbà tó ń fetí sílẹ̀, irọ́ ló máa kọ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ mú un, ẹ̀mí tí ẹ ń mí nìkan ti tó láti mú un mì. Bí ẹ bá gbé e sórí tábìlì tí fáànù wà lórí rẹ̀, ó ń mì. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń kù lẹ́yìn fèrèsé, tàbí ẹ̀rọ ìlọta ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, ilẹ̀ gan-an ń gbọ̀n, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń burú sí i.

Nítorí náà, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ símẹ́ńtì tàbí táìlì, kì í ṣe orí tábìlì pákó. Ẹ ṣe é nígbà tí iná ìjọba bá wà, tàbí láàárọ̀ kùtù kí àwọn aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde láti inú ọkọ̀ tí oòrùn ti pa, tàbí láti inú yàrá tó tutù bíi yìnyín, ẹ jẹ́ kó jókòó fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ara rẹ̀ tó bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mu. Kí iná bátìrì rẹ̀ pọ̀ tó. Àwọn gíńbà kan ní kí fóònù wà lórí wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, àwọn mìíràn ní kí ẹ yọ ọ́. Ohun tí áàpù bá kọ ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ kúrò nídìí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì rìn kọjá títí áàpù á fi sọ pé ó ti parí.

Ìdọ́gba ẹrù

Gíńbà mọ ìwọ̀n ẹrù tí agbára rẹ̀ gbé. Osmo Mobile 6, fún àpẹẹrẹ, wà fún fóònù tó wúwo láti gíráàmù 170 sí 290. Fóònù tó bá fúyẹ́ jù náà kò bá a mu, kì í ṣe èyí tó wúwo nìkan. Bí ẹrù bá pọ̀ jù tàbí tó wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rọ ayípo á máa ti ẹrù náà láìsinmi. Á gbóná, bátìrì á tètè tán, fóònù á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, tó bá sì yá, gíńbà á pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò láìtan án. Ẹ fi fóònù há a nígbà tí gíńbà wà ní pípa. Bí apá kan bá já wálẹ̀ wìì, ẹ sún fóònù sápá kejì, díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbọọrọ. Ẹ wo ohun tó ń di fóònù mú náà. Ti Osmo Mobile 6 ní àmì kámẹ́rà lára, apá tí kámẹ́rà fóònù yín wà ni kí àmì náà kọjú sí. Bí ẹ bá fi sódì, ìdọ́gba kò lè wà.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọkùnrin kan ní Muṣin ra Osmo Mobile 6 àlòkù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Yábàá. Fóònù rẹ̀ jẹ́ áífóònù 14 Pro Max. Ọjọ́bọ̀ ni, ó ní ìgbéyàwó láti yà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

DJI Mimo kò rí gíńbà. Ó wo Privacy & Security, ó rí i pé áàpù náà ti ní àyè Bluetooth. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyè. Ó rántí pé ẹni tó tà á fún un ṣì wà lójú kan náà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dán an wò. Ó kúrò níbẹ̀, ó délé, ó tún un gbìyànjú, kò sì tún mú. Ó yá fóònù Áńdírọ́ìdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi DJI Mimo sí i, ó gba Nearby devices láyè. Fóònù náà rí gíńbà lójú ẹsẹ̀. Ó ti mọ̀ báyìí pé gíńbà kò bàjẹ́, fóònù tirẹ̀ ló ń rántí ohun tí kò bá a mu mọ́. Ó pa búlútúùtù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo Settings tirẹ̀, orúkọ gíńbà wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó tẹ Forget This Device, ó pa méjèèjì, ó tàn wọ́n, gíńbà sì so.

Lẹ́yìn náà ló ṣe àyẹ̀wò ìwé ara ògiri. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ìwé ti kúrò láàárín, ó ti dé etí ojú fóònù lápá òsì, àwòrán sì fì díẹ̀. Ohun méjì nìyẹn. Ó kọ́kọ́ mú ti ẹrù, torí pé kò bọ́gbọ́n mu láti tún jáírò ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ayípo ń jìjàkadì. Fóònù náà nìkan jẹ́ gíráàmù 240. Páòṣì tó nípọn àti òrùka irin ẹ̀yìn rẹ̀ fi gíráàmù 55 lé e, ló bá di 295. Ó ti kọjá 290. Ó yọ páòṣì kúrò, ó sún fóònù sáàárín, fífì náà lọ.

Ìwé ṣì ń sún lọ, àmọ́ kò fì mọ́. Ó ṣe Calibration lórí tábìlì ìyá rẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lóde. Nígbà tó tún dán an wò, ìwé náà ń sún lọ sápá kejì. Yíyí tó yí apá padà yẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé ìmìtìtì ló kọ́ ọ nírọ́ tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí àdúgbò tó jí, ó gbé e sórí táìlì, ó tún un ṣe. Ìṣẹ́jú méjì pé, ìwé kò kúrò lójú kan.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbé e fún oníṣẹ́

Bí ẹ bá ti ṣe Calibration lẹ́ẹ̀mejì níbi tó dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ẹrù tó dọ́gba, tó sì ń sún lọ bákan náà, ó ṣeé ṣe kí jáírò ti bàjẹ́. Bí oríkèé kan bá ń dún gbìgbì bí ẹ bá fọwọ́ yí i nígbà tó wà ní pípa, tàbí tí apá rẹ̀ kan ti wọ́ lẹ́yìn tó ṣubú, kò sí ohun tí áàpù lè ṣe sí i. Bátìrì tó bá wú kúrò ní ti àtúnṣe ilé, ẹ má ṣáàjì rẹ̀ mọ́.

Ẹ má tú u fúnra yín. Wáyà pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín bíi bébà ló gba inú oríkèé wọn kọjá. Bó bá ya, àìsàn kékeré ti di ńlá. Bí ẹ bá gbé e lọ sí Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà, ẹ fi fídíò ìwé ara ògiri han oníṣẹ́ náà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti ṣe fún un. Ẹ sì bi í bóyá ó ti ṣí irú rẹ̀ rí, torí pé títún fóònù ṣe àti títún gíńbà ṣe kì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Fún àwọn tó ní òde lọ́la, alẹ́ òní ni kí ẹ so ó mọ́ fóònù, kí ẹ fi páòṣì sílẹ̀, kí ẹ sì ya ìwé ara ògiri fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ìwé náà bá dúró lójú kan, ẹ lè sùn.